Èsì tuntun fún Wasáàpù ìsọ̀ wa

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Lálẹ́ àná ni mo jókòó ka gbogbo èsì tí a ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, àyà mi sì já. Ìyá kan kí wa láti Kétu, ó kí ilé, ó kí ọ̀nà, kó tó béèrè iye àǹkárá. A dá a lóhùn pé: "12500." Kò sí ẹ kú, kò sí ẹ ṣé. Bó bá jẹ́ pé ìsọ̀ wa ní Wàńdó níbí ló wọ̀ sí, orí ìkúnlẹ̀ la ó ti kí i. Kò rí orúnkún wa nínú fóònù, ọ̀rọ̀ wa ló gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀.

Mo ti tún wọn kọ. Èmi àti ìwọ, ohùn kan náà la ó máa fi sọ̀rọ̀ báyìí.

Iye owó:
"Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ kí wa. Àǹkárá aláró yẹn, ọ̀pá mẹ́fà, 12 500 sẹ́fà ni. Owó ọkọ̀ dé Kétu jẹ́ 1 500 lọ́tọ̀. Ṣé ká bá yín yà á sọ́tọ̀?"

"Ó ti tán" di:
"Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ má bínú, aláwọ̀ ewé ti tán, òmíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tó jọ ọ́ wà nílẹ̀, àwòrán rẹ̀ nìyí."

"Kò gbà" di:
"Ẹ ṣé, a gbọ́ yín. Iye tí ẹ ná an kò tó owó tí a fi rà á. Bí ẹ bá mú ọ̀pá méjìlá, a ó gba 24 000 sẹ́fà."

"Sanwó ná" di:
"Ẹ ṣé o. Bí owó bá ti wọlé sórí Mómò wa, a ó di ẹrù yín lọ́jọ́ náà."

Èyí tó dùn mí jù ni ti bàbá Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè ẹrù rẹ̀, a wá kọ ọ́ pé: "Mo ti sọ fún ẹ, dúró." Fún *ẹ*, kì í ṣe fún *yín*! Ẹni tó lè bí bàbá wa. Òun ni kó o kọ́kọ́ fi èyí ránṣẹ́ sí, kó o tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀:

"Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá wa. Ẹ dákun, ẹ foríjì wá, èsì wa àná kò dára. Ẹrù yín ti kúrò ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Awakọ̀ yóò pè yín bó bá dé ibùdókọ̀. Bí ẹ ò bá gbúròó rẹ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ kọ̀wé sí wa, a ó wá a kàn."

Mo ti tọ́jú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ sínú Wasáàpù tìsọ̀: tẹ `/iye`, `/tan`, `/na` tàbí `/san`, yóò jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kà á kó o tó fi ránṣẹ́: yí iye àti orúkọ ìlú padà, má sì kí ènìyàn ní ẹ kú àárọ̀ lálẹ́. Ẹni tó bá kọ Gùn tàbí Faransé, èdè tó kọ náà ni kó o fi dá a lóhùn.

Bí bàbá bá fèsì, pè mí.