Kànga Ìta Ṣọ́ọ̀ṣì: Ọ̀rọ̀ Fídíò Ìkówójọ Ìjọ Wa, Abẹ́òkúta

[Àwòrán: Aago márùn-ún ìdájí. Kẹ́ẹ̀gì tò yí kànga ká. Kò sí orin. Ìró korobá nìkan là ń gbọ́.]

OHÙN ÌYÁ ÌJỌ: Ẹ gbọ́ yẹn? Omi kọ́ o. Korobá ló ń ha àpáta.

[Àwòrán: Ìyá Ìjọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.]

ÌYÁ ÌJỌ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ wa nílé lóko, àti ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó àti ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹ mọ kànga yìí. Ibẹ̀ lẹ ti ń pọnmi kẹ́ ẹ tó lọ sílé ìwé. Àwọn bàbá wa ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ, wọ́n gbẹ́ ẹ títí dígà fi kan àpáta, wọ́n bá fi mọ síbẹ̀. Abẹ́ òkúta là ń gbé, ta ni yóò fi dígà bá àpáta jà? Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé báyìí, ẹni tó bá pẹ́ jí, ó di ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà: kẹ́ẹ̀gì kan, ₦150. Ilé tó bá ń lo mẹ́fà lóòjọ́, ₦900 ti lọ, wọn ò tíì jẹun.

[Àwòrán: Ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ilé ìwé.]

ỌMỌBÌNRIN: Tí mi ò bá tètè rí omi, mo máa ń pẹ́. Wọ́n á tilẹ̀kùn géètì mọ́ mi.

[Àwòrán: Bàbá Akápò, ìwé ìṣirò lọ́wọ́.]

BÀBÁ AKÁPÒ: Àwọn tó ń fẹ̀rọ wo ilẹ̀ ti wá. Wọ́n ní omi wà níbi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Gbígbẹ́ kànga ẹ̀rọ, páìpù, táńkì, òpó irin àti pọ́ọ̀ǹpù tó ń lo oòrùn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,200,000. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní jẹnẹrétọ̀ ì bá dínwó. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ni yóò máa ra epo sí i? ₦1,650,000 ti wà nílẹ̀. Ó ku ₦2,550,000. Ẹni 51 péré, ₦50,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó ti tán.

ÌYÁ ÌJỌ: Bó bá jẹ́ ₦2,000 lọwọ́ yín ká, ẹ mú un wá, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri, lójú títì, la ó fa ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin sí, kí gbogbo àdúgbò lè pọn. Alhaji tó múlé tì wá ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí táńkì máa dúró lé. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì pa fóònù dé. Àkáǹtì ìjọ tó wà lẹ́yìn ìwé ìsìn ni kẹ́ ẹ sanwó sí. Àkáǹtì ẹnikẹ́ni kọ́, tèmi náà kọ́. Ẹ kọ “Kànga” sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ pe Akápò, ẹ ní nọ́ńbà wọn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá la fẹ́ kí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, lónìí ni.

[Àwòrán: Ọmọbìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì rù. Kò kún dé ìdajì. Lójú fídíò: Ó KU ₦2,550,000. ÀKÁǸTÌ ÌJỌ. Ẹ KỌ “KÀNGA”.]