Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìjábọ̀ ọ́dítọ̀: èrò mímọ́, èrò àyàfi, èrò òdì, àti iyèméjì bóyá òwò yóò lè máa lọ

Fún kíláàsì ìgbáradì ìdánwò ICAN, Ìlọrin. Ẹ kọ ìdáhùn tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó ka tiwa. Ọdún ìṣirò gbogbo ilé-iṣẹ́ inú ìbéèrè wọ̀nyí parí ní 31 Oṣù Kejìlá 2024.

Ọ̀rọ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Àṣìṣe wúwo bó bá lè yí ìpinnu ẹni tó ń ka ìwé ìṣirò padà. Ó gbilẹ̀ bí kò bá dúró sójú kan. Tàbí bó bá dúró sójú kan, tó sì jẹ́ pé ojú kan náà ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé. Tàbí bó bá jẹ́ àlàyé tí òǹkàwé kò lè lóye ìwé náà láìsí i. Ohun tó wúwo lè má gbilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì.

Ìbéèrè 1

Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Ọ̀fà jẹ èrè ₦48 mílíọ̀nù kí wọ́n tó yọ owó orí. Gbogbo dúkìá rẹ̀ jẹ́ ₦310 mílíọ̀nù. Òṣùwọ̀n ìwúwo tí ẹ̀yin ọ́dítọ̀ lò ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Oníbàárà kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo jẹ wọ́n ní ₦6.5 mílíọ̀nù, ó ti ti oko adìyẹ rẹ̀ pa ní Oṣù Kọkànlá 2024, kò sì sí ohun ìdúró kankan lórí gbèsè náà. Àwọn olùdarí kọ̀ láti yọ owó náà kúrò.

(a) Èrò wo ni ẹ ó kọ? (b) Bí wọ́n bá gbà láti yọ ₦5 mílíọ̀nù, tí ẹ sì tún rí i pé wọ́n fi ₦1.2 mílíọ̀nù gbé iye ọjà tó kù nílẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, ńkọ́?

Ìdáhùn

(a) Òṣùwọ̀n ìwúwo jẹ́ ₦2.4 mílíọ̀nù. Àṣìṣe ₦6.5 mílíọ̀nù ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ó sì jẹ́ bí ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún èrè, nítorí náà ó wúwo. Ṣùgbọ́n gbèsè oníbàárà kan ni; bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún dúkìá ni, èrè sì ṣì wà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́. Kò gbilẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé: èrò àyàfi.

Ẹ kọ ìpìlẹ̀ èrò náà pẹ̀lú iye rẹ̀, má kàn sọ pé «gbèsè kan wà». Báyìí:

«Ìpìlẹ̀ Èrò Àyàfi. Lára owó tí àwọn oníbàárà jẹ ilé-iṣẹ́ yìí ni ₦6.5 mílíọ̀nù wà lọ́wọ́ oníbàárà kan tó ti dáwọ́ òwò dúró. Ilé-iṣẹ́ kò ya owó kankan sọ́tọ̀ fún àdánù rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, èrè kí a tó yọ owó orí àti owó tí àwọn oníbàárà jẹ ì bá dín ní ₦6.5 mílíọ̀nù.

Èrò Àyàfi. Lójú tiwa, àyàfi ohun tí ọ̀rọ̀ inú abala Ìpìlẹ̀ Èrò Àyàfi fà, ìwé ìṣirò yìí fi ipò owó ilé-iṣẹ́ náà ní 31 Oṣù Kejìlá 2024 hàn ní òtítọ́ àti ní dọ́gbadọ́gba.»

Nínú ìjábọ̀ gan-an, èrò ló máa ń ṣáájú, ìpìlẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Ẹ yí wọn padà nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ.

(b) Ibi tí ìkẹkùn wà nìyí. ₦1.5 mílíọ̀nù tó ṣẹ́ kù lórí gbèsè kò tó ₦2.4 mílíọ̀nù, ₦1.2 mílíọ̀nù ọjà náà kò tó o. Ẹni tó bá wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan yóò kọ èrò mímọ́. Ṣùgbọ́n ISA 450 ní kí ẹ kó wọn jọ: méjèèjì ló ń gbé èrè ga ju bó ṣe yẹ lọ, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ ₦2.7 mílíọ̀nù. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá tún ọ̀kan péré ṣe, èrò mímọ́ ti ṣeé kọ. Bí wọn kò bá tún èyíkéyìí ṣe, èrò àyàfi ni.

Ìbéèrè 2

Ilé-iṣẹ́ bíríkì kan ní Gánmọ̀ ní ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, òun ló sì ń darí rẹ̀. Ọjà tí ti bíríkì tà jẹ́ ₦260 mílíọ̀nù, ti ọkọ̀ akẹ́rù jẹ́ ₦920 mílíọ̀nù. Wọn kò pa ìwé méjèèjì pọ̀.

Ìdáhùn

Èrò òdì. IFRS 10 ní kí wọ́n pa á pọ̀. Ọjà títà, gbèsè, dúkìá, owó òṣìṣẹ́, kò sí ìlà tí kò kàn, ẹ kò sì lè fi «àyàfi» yọ ohun tó ju ilé lọ kúrò nínú ilé. Ẹ sọ ní gbangba pé ìwé náà kò fi ipò owó hàn ní òtítọ́ àti ní dọ́gbadọ́gba.

Ìbéèrè 3

Oṣù Kẹta 2025 ni wọ́n yàn yín sí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì kan. Ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka ọjà ₦75 mílíọ̀nù, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá iye náà tọ̀nà.

Ìdáhùn

Níhìn-ín ẹ kò mọ̀ pé ìwé náà kò tọ̀nà. Ẹ̀rí ni ẹ kò rí. Nítorí náà, èrò òdì kò sí lórí tábìlì rárá. Bó bá wúwo tí kò gbilẹ̀, èrò àyàfi; bó bá gbilẹ̀, ẹ kọ̀ láti sọ èrò.

Ìbéèrè 4

Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kan nítòsí Òmù-Àrán ti pàdánù fún ọdún mẹ́ta léraléra. Gbèsè tí yóò san láàárín ọdún kan jẹ́ ₦212 mílíọ̀nù. Dúkìá tó lè di owó láàárín àkókò yẹn jẹ́ ₦87 mílíọ̀nù. Yíyá báǹkì ₦140 mílíọ̀nù yóò pé ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Báǹkì kò tíì fèsì lórí ìbéèrè fún àfikún àkókò. Ìjábọ̀ yín yóò jáde ní 28 Oṣù Kẹrin 2025. Kí ni ẹ ó ṣe bí:

(a) àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé bá sọ gbogbo rẹ̀ kedere;
(b) ó bá kàn sọ ọjọ́ tí yíyá náà yóò pé;
(d) àwọn olùdarí bá ti pinnu ní Oṣù Kẹta 2025 láti ta ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kógbá sílé, síbẹ̀ tí wọ́n kọ ìwé bí òwò tí ń bá a lọ;
(e) wọ́n bá kọ ìwé ní iye tí dúkìá yóò mú wá bí wọ́n bá tà á, tí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀;
(ẹ) ìṣirò ọjọ́ iwájú wọn bá dúró ní 30 Oṣù Kẹfà 2025;
(f) onípìn-ín tó tóbi jù bá kọ lẹ́tà pé òun «yóò gbìyànjú láti ṣèrànwọ́»?

Ìdáhùn

(a) Èrò mímọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kọ «àyàfi» nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣàìsàn. Àìsàn kì í ṣe àṣìṣe. Bí wọ́n bá ti sọ òtítọ́ nípa àìsàn náà, ìwé náà tọ̀nà. ISA 570 ní kí ẹ fi abala ọ̀tọ̀ sí ìjábọ̀, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Iyèméjì Tó Wúwo Nípa Bóyá Òwò Yóò Lè Máa Lọ, kí ẹ tọ́ka sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹ sì sọ pé a kò yí èrò wa padà lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìpè-àkíyèsí ti ISA 706 rọ́pò rẹ̀.

(b) Èrò àyàfi tàbí òdì. Ọjọ́ tí gbèsè pé kò sọ fún òǹkàwé pé báǹkì kò tíì gbà, tàbí pé òwò náà lè dáwọ́ dúró. Pẹ̀lú ₦125 mílíọ̀nù tí gbèsè fi ju dúkìá ìgbà kúkúrú lọ, èmi yóò tẹ̀ sí òdì bí àlàyé náà bá dákẹ́ pátápátá. Bó bá sọ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tó, àyàfi.

(d) Òdì, bí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ìbáà ti dára tó. IAS 10 kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyè, kódà nígbà tí ìpinnu náà wáyé lẹ́yìn òpin ọdún.

(e) Èrò mímọ́. Ẹ lè fi ìpè-àkíyèsí sí i.

(ẹ) Oṣù mẹ́fà ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n ISA 570 tó kan ìwé ọdún 2024 ń béèrè oṣù méjìlá, ó kéré tán, láti ọjọ́ òpin ọdún ìṣirò. Ọjọ́ tí yíyá yóò pé gan-an ni wọ́n fò. Ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀rí ni kò tó: àyàfi, tàbí kẹ́ ẹ kọ̀ láti sọ èrò.

(f) Ìgbìyànjú kì í san gbèsè. Ẹ béèrè ìlérí tó ní iye owó àti àkókò nínú, tí ẹni tó láṣẹ fọwọ́ sí. Kí ẹ sì wo ìwé báǹkì tirẹ̀ bóyá ó ní owó náà. Bí kò bá ní in, iyèméjì ṣì wà bó ṣe wà, ìdáhùn yín yóò sì padà sí (a) tàbí (b).