Àtúnṣe sí ìwé tí a fi ń dárúkọ Mátírọ́nù fún àmì ẹ̀yẹ agbẹ̀bí

Òṣogbo, ọ̀sán ọjọ́ Ajé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ohun tí o kọ nípa Mátírọ́nù. Ìfẹ́ tí o ní sí wọn hàn nínú rẹ̀, wọ́n sì tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀ wọ́n rí. Tí wọ́n bá ti rí "akíkanjú", "aláìlẹ́gbẹ́" àti "abiyamọ tòótọ́", wọ́n á kàn ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e ni, torí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ń kọ. Mo ti yọ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fi dípò, rẹ́jísítà ni mo sì ti wá a jáde.

Gbólóhùn kan ká mi lára: "Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ìyá kankan ò kú mọ́." Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Asùbíàrò la ń gbé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá le lọ, a kì í sì í gbọ́ bí ti gbogbo wọn ṣe parí. Bí ìgbìmọ̀ bá bi wá, kí la máa wí? Ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún nìkan ni mo fi sílẹ̀. Bí mo ṣe tún un kọ nìyí:

"Agbẹ̀bí tí a ń dárúkọ yìí ló ń darí ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ní ibùdó ìlera wa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

"Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 2023, aboyún 214 ló forúkọ sílẹ̀, 71 péré ló wá fún àyẹ̀wò tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó bímọ. Nígbà tí Mátírọ́nù dé, wọ́n bi àwọn tí kì í padà wá léèrè ìdí. Èsì ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé àárọ̀ ni àyẹ̀wò, àárọ̀ náà sì ni wọ́n ń pàtẹ ní Ọjà Ọba. Mátírọ́nù wá fi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kún ọjọ́ àyẹ̀wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń pe ẹni tí kò wá lórí fóònù, wọ́n á sì kọ èsì rẹ̀ sí etí rẹ́jísítà. Nínú oṣù mẹ́fà kan náà ní ọdún 2024, aboyún 231 forúkọ sílẹ̀, 148 sì wá tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìyẹn ni pé a kúrò ní 33 nínú ọgọ́rùn-ún, a dé 64. Ọdún yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é. Àmọ́ nínú 148 yẹn, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni 52 ń wá, ọjọ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ ọkisitósìn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ á máa dín kù. Iná kì í sì í dúró. Mátírọ́nù lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì, wọ́n ń kọ ìwọ̀n òtútù síbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó fi 14 hàn láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n kó abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù sọ́tọ̀, wọ́n gba tuntun sínú kúlà oníyìnyín, wọ́n sì mú ìwé náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Fíríìjì sólà dé ní oṣù karùn-ún. Láti ìgbà náà, kò tíì kọjá 8.

"Ní òru kan ní oṣù keje ọdún 2024, ẹ̀jẹ̀ ya obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àkọsílẹ̀ òru náà nìyí: 2:10, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. 2:12, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń fọwọ́ ra ilé ọmọ. 2:20, wọ́n fa omi sí i lára. 2:35, ọkọ̀ gbéra lọ sí Asùbíàrò, Mátírọ́nù jókòó tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọmọ wá fún àjẹsára."

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ iye àyẹ̀wò di mẹ́jọ láti ọdún 2016. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni rẹ́jísítà wa fi ń kà á, òun ni mo ṣe lò ó. Bí wọ́n bá bi ẹ́, wí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Má ṣe dá orúkọ obìnrin òru yẹn padà sínú ìwé, bó tilẹ̀ gbà pé kí a kọ ọ́. Ṣe fọ́tòkọ́pì ojú ewé rẹ́jísítà mẹ́rin tí mo fi bébà sí, kí o fi nǹkan bo orúkọ àwọn aláboyún kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ya fọ́tò ìwé ara fíríìjì náà. Lẹ́tà tí nọ́ọ̀sì kékeré kọ ń yin Mátírọ́nù ṣáá ni. Sọ fún un kó kọ ohun tí kò lè dá ṣe tẹ́lẹ̀ tó ń dá ṣe báyìí, àti ẹni tó ti rí i tó ṣe é. Kí fáìlì náà wà lórí tábìlì mi kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ máa dẹ́kun gbígba ìwé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní yàrá àkọsílẹ̀