Fídíò Àádọ́rin Ọdún Ìyá Ìbejì

Àlàbá, ohun tí a máa gbé sára ògiri lọ́jọ́ Sátidé nìyí, kí wọ́n tó gé kéèkì. Èmi Ìdòwú ni mo máa ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo ti kà á sí fóònù, ìṣẹ́jú-àáyá 38 ló gbà. Má jẹ́ kó kọjá 40 o. O mọ Màmá: bí fídíò bá gùn, wọ́n á dìde lọ wo ìkòkò, àlejò á sì máa wo àga òfìfo.

Má fi Àkàbà Ìdènà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbé kámẹ́rà ní Kétu ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sá lọ. Ọwọ́ Màmá ni kí á kọ́kọ́ rí.

0–6
Àwòrán: Ọwọ́ Màmá nìkan lórí agbada, igbá ń yí gàrí. Kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì àkọ́kọ́ má ní orin, kí á gbọ́ ariwo igbá lára irin.
Ìdòwú: “Ìyá Ìbejì, ọmọ Alákétu, ẹ kú ọjọ́ òní o.”

6–13
Àwòrán: Fọ́tò Ẹ̀gbọ́n Táyé àti Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé nínú aṣọ kakí ilé ìwé, èyí tó wà nínú àpótí Bàbá. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti ìwọ. (Èyí tí o ti ń sunkún ni kí o lò, kì í ṣe èyí tí o gbé ojú sókè bí kọmíṣánnà.)
Ìdòwú: “Ọmọ mẹ́rin lẹ bí. Gàrí lẹ yàn, owó rẹ̀ lẹ fi rán gbogbo wa nílé ìwé.”

13–24
Àwòrán: Ìsọ̀ Màmá lọ́jà. Abọ́ ìwọ̀n kún, wọ́n dà á sínú ọ̀rá oníbàárà, ọwọ́ Màmá padà sínú àpò gàrí, ó bu òmíràn. Dín eré àwòrán kù níbi tí wọ́n ti ń bu ẹ̀kúnwọ́ kejì yẹn. Òun ni gbogbo fídíò yìí.
Ìdòwú: “Bí ẹ bá ti wọn abọ́ kan tán, ẹ óò tún bu èènì lé e. Àwa á máa kùn pé: ‘Màmá, èrè dà?’ Ẹ̀yin á ní: ‘Ó ní ọmọ nílé.’”

Lẹ́yìn “Ó ní ọmọ nílé”, dákẹ́ díẹ̀. Gbogbo ará ọjà tó bá wà níbẹ̀ ló máa rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

24–30
Àwòrán: Àwọn oníbàárà tí o ká sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń juwọ́. Arábìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n ni kó gbẹ̀yìn. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ohùn mi. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ sí, ó sì jẹ́ ti Kétu níhìn-ín, nítorí náà má wá orin mìíràn kiri.
Ìdòwú: “Àwọn ọmọ ilé yẹn ti dàgbà. Wọ́n ti ń rán ọmọ tiwọn wá sọ́dọ̀ Ìyá Eléènì.”

30–38
Àwòrán: Màmá jókòó, wọ́n ń wo kámẹ́rà, gèlè tuntun lórí. Lójú àwòrán, kọ lẹ́tà ńlá: ÌYÁ ÌBEJÌ PÉ 70.
Ìdòwú: “Ọlọ́run ti wọn àádọ́rin ọdún fún yín, ó kún abọ́. Kó tún bu èènì lé e, èènì tó pọ̀.”
Gbogbo wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: “Màmá, ẹ kú ọjọ́ ìbí o!”

Níbi ìkígbe yẹn, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Táyé kúnlẹ̀, ìwọ àti Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ò ní lè kúrò ní Àjàṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀, nítorí náà kí wọ́n fi ohùn tiwọn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Bí wọ́n bá tún ka àdúrà kún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, gé e kúrò, kí wọ́n wá gba àdúrà yẹn fúnra wọn nídìí oúnjẹ. Fi èyí tí o bá gé ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, má sì jẹ́ kí fóònù rẹ wà nítòsí Màmá, wọ́n ti ń bi mí pé kí ni gbogbo wa ń wá níbi agbada wọn.