Ẹ Má Bínú Mà, Mo Ṣì Nọ́ńbà

Ọjọ́ Ajé, 8:14
— Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé àǹkárá bọ́ńdù márùn-ún tí mo kó fún dẹ́rẹ́bà lánàá ti dé ọ̀dọ̀ yín?
— Ẹ ṣì nọ́ńbà.
— Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Nọ́ńbà kan péré ló fi yàtọ̀ sí ti kọ́sítọ́mà mi. Ṣé Ìbàdàn lẹ wà?
— Bódìjà.

Ọjọ́bọ̀, 19:40
— Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ibà yẹn ti lọ lára ọmọ?
— Ó ti lọ, a dúpẹ́.
— Ọjà aṣọ ò lọ mọ́ mà. Ìkànnì ìdókòwò kan ló ń gbé mi ró. 50,000 náírà á di 100,000 lọ́jọ́ 30. Ẹ fi 10,000 dán an wò, ẹ máa rí i gbà lọ́la.
— 10,000 tẹ́ ẹ máa jẹ́ kí n gbà yẹn, ìjẹ tí wọ́n fi ń pẹja ni. Tí mo bá kó 500,000 sí i, ẹ máa ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí n tó yọ ọ́. Ohun tí ìkànnì ìdókòwò CBEX ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2025 nìyẹn: wọ́n ti owó pa, wọ́n tún ní káwọn èèyàn san 100 dọ́là sí i. Ẹ fi ìwé àṣẹ tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, fún yín hàn mí.
— Ẹ gbà mí gbọ́ mà, ààyè ti ń tán.
— Mo ti ń bulọ́ọ̀kù yín.