Ẹ Má Tíì Gé Páìpù

Kí fíríìjì Ìyá Dámi tó dé ìsọ̀ Ọ̀gá Báyọ̀ ní Òkè-Àró, ènìyàn méjì ti sọ pé ó ti kú. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé kọ́mpúrẹ́sọ̀, ooru rẹ̀ ta á, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní ẹ̀rọ ti jóná. Ẹnì kejì ní kì í ṣe kọ́mpúrẹ́sọ̀ nìkan, gáàsì náà ti jò tán, kí màmá kúkú tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòpatì. Lójú ẹsẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ dá 8,000 náírà lé e.

Ìyá Dámi kò tà á. Sóbò àti omi tútù ló ń tà nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, láti ọjọ́ tí fíríìjì náà sì ti dákẹ́, yìnyín ló ń rà. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, owó yìnyín lè jẹ èrè sóbò tán pátápátá.

Ọ̀gá Báyọ̀ mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura nílùú yìí ni kì í pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé ẹrù yìí dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹni méjì sì ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó kì í bọ iná. Ó gbọ́ tó kùn, ó gbọ́ "kẹ́", ó fà á yọ. "Màmá, kọ́mpúrẹ́sọ̀ ni. Tuntun, gáàsì, iṣẹ́ ọwọ́, 85,000." Ìyá Dámi yọ 50,000 nínú owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, ó ní òun á san ìyókù tó bá ń tutù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá gba Oǹdó lọ síbi iṣẹ́ kan. "Akínlolú, tú kọ́mpúrẹ́sọ̀ yẹn sílẹ̀ kí n tó dé. Mo máa ra òmíràn bọ̀."

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí "tú u sílẹ̀" túmọ̀ sí. Wàá gé páìpù. Tí o bá ti gé páìpù, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn, àfi kí o jó páìpù pọ̀ padà, kí o fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí o tó ra gáàsì mìíràn sí i. Ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ á di ohun tí a ń tún ṣe. Akínlolú, tó wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ti mú ohun tí a fi ń gé páìpù lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Dámi yà wọlé láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀?"

"À ń bẹ̀rẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kó tó dákẹ́, báwo ló ṣe ń ṣe?"

Ìyá Dámi wò ó. Nínú gbogbo àwọn tó ti fọwọ́ kan fíríìjì náà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. "Ọjọ́ tí iná ń ṣe ségesège yẹn ni. Ó lọ, ó dé, ó lọ, ó dé, kí n tó dìde lọ yọ ọ́, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Látìgbà yẹn, á kùn, á ní 'kẹ́', á dákẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé kò ti máa dín ní títutù tẹ́lẹ̀?"

"Rárá o. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, omi inú rẹ̀ dì gbagidi."

Akínlolú gbé ohun ìgépáìpù sílẹ̀. Gáàsì tó bá ń jò kì í sábàá tán ní wàrà báyìí. Òtútù á máa dín díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ láì sinmi, kó tó di pé kò tutù mọ́. Èyí tutù láàárọ̀, ó dákẹ́ lọ́sàn-án.

Ó mú mítà. Ó kọ́kọ́ wọn iná ìsọ̀: 210 fóòtù, ó tó. Ó fa fíríìjì yọ lára iná, ó ṣí ìdérí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́mpúrẹ́sọ̀, ó sì yọ ohun tó bo ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ òkè àti ti ọ̀tún, 14 óòmù. Òkè àti òsì, 18. Ọ̀tún àti òsì, 32. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀: 14 àti 18, 32. Wáyà inú rẹ̀ pé. Ó fi ẹnu mítà kan kan ara irin, ó fi èkejì kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: kò sí iná tó ń já sára.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó jóná kò jóná.

Ìgbà yẹn ló wá gbé rìlé tó yọ lára rẹ̀ sókè, ó mì í létí. Ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí àgbàdo gbígbẹ nínú agolo.

Irú rìlé yìí, tó bá dára, kì í dún. Ohun róbótó pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí iná bá kọ́kọ́ wọlé, yóò jẹ́ kí iná gba wáyà tó ń ta kọ́mpúrẹ́sọ̀ jí. Tó bá ti gbóná tán, á dá iná yẹn dúró, kọ́mpúrẹ́sọ̀ á sì máa bá ti ẹ̀ lọ. Tó bá ti fọ́, kò sóhun tó máa ta ẹ̀rọ jí. Ẹ̀rọ á kàn dúró sójú kan, á máa kùn, á máa fa iná púpọ̀, á máa gbóná, títí ófálóòdù, tó ń ṣọ́ ọ kó má baà jóná, á fi já iná: "kẹ́." Tí ófálóòdù bá tutù, á tún gbìyànjú. Òun ni Ìyá Dámi ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Òun náà ló fa ooru tó ta ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Ó pe ọ̀gá. Ẹnu rẹ̀ wúwo, torí kò rọrùn kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sọ irú èyí fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa wọ̀n ọ́n ká tó gé e. Mo wọ̀n ọ́n. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ dára. Rìlé ló fọ́."

Ọ̀gá Báyọ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Kà á fún mi." Akínlolú kà á. "O ti gé páìpù?"

"Rárá, sà."

"Má gé e. Mú 3,500 nínú dúrọ́ọ̀, lọ ra rìlé àti ófálóòdù ní Arákalẹ̀. Mú ti àtijọ́ dání kí wọ́n má fún ọ ní ọ̀tọ̀."

Kò tó wákàtí kan tó fi dé. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó bò ó, ó kì í bọ iná. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. Páìpù ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, yìnyín funfun sì ń yọ lára àwo inú. Ìyá Dámi, tó ti jókòó sórí àpótí láti ìgbà náà, dìde, ó ki orí bọ inú fíríìjì, ó pariwo orúkọ Olúwa débi pé àwọn alátùnṣe fóònù tó wà ní ìsọ̀ kejì sáré wá.

"Màmá, tí iná bá ti lọ, ẹ yọ ọ́," ni Akínlolú ń sọ fún un. "Tó bá padà dé, ẹ jẹ́ ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kì í bọ iná. Rìlé gbọ́dọ̀ tutù ná."

Ọ̀gá Báyọ̀ dé nírọ̀lẹ́ láìra kọ́mpúrẹ́sọ̀ kankan. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, ó mi rìlé tó fọ́ náà létí, lẹ́yìn náà ló ka 42,000 lé Ìyá Dámi lọ́wọ́. Ó mú 8,000 fún rìlé àti iṣẹ́. Màmá fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì í mú.

Nígbà tí wọ́n gbé fíríìjì lọ tán, ó yíjú sí Akínlolú.

"Kọ́mpúrẹ́sọ̀ mélòó ló wà lẹ́yìn ìsọ̀ tá a fẹ́ tà fún onírin?"

"Mẹ́fà, sà."

"Ta ló wọ̀n wọ́n?"

Akínlolú kò dáhùn.

"Kó wọn wá. Mú mítà dání."