Àǹtí, ọ̀rọ̀ Àmínà ni o, ìyá bàbá rẹ̀ ti kú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ má bínú pé alẹ́ ni mo ń kọ ọ́, ọ̀sán ò ráyè rárá, èrò ò tán nílé. Ìyá Àmínà ni o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rò ó pé kí ló dé tá ò rí Àmínà láti ọjọ́rú. Màmá ló kú o Àǹtí, ìyá bàbá rẹ̀, Màmá tó máa ń wá mú un ní géètì skúùlù yín tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀pà sísun wá fún un nínú páálí mílìkì, àwọn náà tí wọ́n máa ń ṣàdúrà fún gbogbo yín kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Túsìdeè ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ibẹ̀ ni ìyọnu Àmínà ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn Màmá ló wẹ̀ fún un, àwọn ló wọ bàtà fún un, àwọn náà ló mú un dé ọ̀dọ̀ yín ní wéré. Ìgbà tí wọ́n padà délé ni wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n jókòó sórí ẹní, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti pẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé tiwa ti mùsùlùmí kì í pẹ́, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n sí agboolé wọn ní Òkè Ààrẹ lẹ́yìn alásàrì. Aládùúgbò wa ló wá bá mi mú Àmínà ní aago méjì, ó tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà ọmọ yìí fi Màmá sílẹ̀ láàyè láàárọ̀, ó dé nírọ̀lẹ́, kò bá Màmá, kò bá òkú, èrò lásán ló bá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan (mi ò ní bínú sí wọn, ìbànújẹ́ ló ń ṣe wọ́n) wá sọ fún un pé Màmá ti lọ sí Mẹ́kà. Ṣé ẹ rí wàhálà! Màmá ti lọ Mẹ́kà rí, fọ́tò ẹ̀ wà ní pálọ̀ wa, kí wọ́n tó bí Àmínà, wọ́n lọ wọ́n sì bọ̀. Ọmọ bá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń dúró de Màmá, wọ́n máa mú bèbí àti dàbínù bọ̀ fún òun. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Elòmíì tún ní Màmá ń sùn ni, látìgbà yẹn ni Àmínà ò ti fẹ́ sùn mọ́, tí ojú ẹ̀ bá ti ń kún báyìí á ta gìrì. Lọ́la ló máa padà wá sí skúùlù. Mo ń bẹ̀ yín, àsìkò oorun ọ̀sán yẹn, tí kò bá fẹ́ dùbúlẹ̀ ẹ má fi agbára mú un, ẹ jẹ́ kó jókòó ti yín kó máa kun ìwé.

Ní Fúráìdeè èmi àti bàbá ẹ̀ pè é sínú yàrá, a sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. A ní Màmá ti kú, ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò lè mí, wọn ò lè jẹun, nǹkan kan ò dun wọ́n, wọn ò sì ní padà wá. Ó ní "lọ́la ńkọ́?" A ní lọ́la náà rárá. Ó sunkún díẹ̀ ó bá ní òun fẹ́ jẹ indomí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe, ẹkún, eré, ẹkún, á tún bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kò tíì yé e pé ikú ò ní àbọ̀. Tó bá bi yín, ọ̀rọ̀ tá a sọ yẹn náà ni kí ẹ sọ, ẹ jọ̀ọ́, kó má gbọ́ ọ̀tọ̀ nílé kó gbọ́ ọ̀tọ̀ ní skúùlù.

Ọ̀kan tún wà, ẹ̀rín lè fẹ́ pa yín. Ẹ mọ̀ pé oyún wà nínú mi. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń fọwọ́ kan ikùn mi pé "Yétúndé ń bọ̀", Àmínà sì gbọ́. Lánàá ló gbẹ́nu sí ìdodo mi tó ń pariwo "Màmá, ẹ jáde!" Èmi ò sọ pé ohun tí àwọn àgbà ń sọ ò dáa o, tó bá jẹ́ obìnrin a lè sọ ọ́ ní Yétúndé lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Tó bá sọ ọ́ ní kíláàsì ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ kàn sọ pé ọmọ tuntun ló wà nínú Mọ́mì, Màmá sì ti kú.

Ó tún gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sin bèbí rẹ̀, ó ní òun ń kírun sí i lára. Ẹ̀rù bà mí kí n má parọ́, àmọ́ mo rí i pé bó ṣe ń gbìyànjú láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tó bá ṣe é nínú yanrìn yín, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má nà án, kí wọ́n má sì sọ pé nǹkan burúkú ló ń fà. Ó ti ń tọ̀ sílé látọjọ́rú, ó sì ti jáwọ́ ńbẹ̀ tipẹ́. Pátá mẹ́ta àti yúnífọ́ọ̀mù kejì wà nínú báàgì ẹ̀, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀ níkọ̀kọ̀ kí àwọn ọmọ yòókù má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Aago méjì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí Màmá ló máa ń wá. Bọ̀dá Wàsíù, àbúrò bàbá ẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀, ló máa máa wá báyìí, aago méjì kù díẹ̀ ló máa dé kí Àmínà má bàa rí àwọn ìyá àgbà míì kó máa wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ tó bá ní ilé òkú ló rán òun, ẹbí pọ̀ nílé báyìí, ẹ pè mí kọ́kọ́. Lọ́túńla, Túsìdeè, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni, kò ní wá. Ó ṣeé ṣe kó padà wá bi yín pé kí ló dé tí wọ́n ń lùlù tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì nígbà tí Màmá kú, ẹ sọ fún un pé Màmá dàgbà dáadáa ni, wọ́n ń dúpẹ́.

Ẹ má tíì gbé e sí gúrúpù àwọn òbí, ẹ sọ fún Hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì àti Àǹtí tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nìkan. Tẹ́ ẹ bá sì ń ya àwòrán ẹbí, ẹ jẹ́ kó ya Màmá sí i, ẹ má sọ pé kó yọ wọ́n.

Màmá nìkan ló ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Tó bá ní kí ẹ pe òun bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi pè é. Tí kò bá sọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ohunkóhun tó bá sọ lọ́la, ẹ fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi, bó ti wù kó kéré. Tó bá wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ bá a tún un wọ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n wọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ ṣé o Àǹtí.

Ìyá Àmínà, Ìwó Róòdù